Orúkọ tí Mègáàdì Lè Pè

Ẹni tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Èkó máa ń kọ́kọ́ ro ti oníbàárà tí yóò sanwó. Èmi máa ń ro ti mègáàdì. Ilé-iṣẹ́ tó ń rán ènìyàn lọ fọ ilé onílé kì í sábà ní ṣọ́ọ̀bù tí ará ìta lè yà wọ̀; ẹnu géètì onílé ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ á gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, mègáàdì á gbé fóònù, jẹnẹrétọ̀ á máa pariwo lẹ́yìn rẹ̀, á sì gbìyànjú láti sọ orúkọ wọn fún ìyá ilé tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí orúkọ náà kò bá ṣeé pè ní ẹ̀ẹ̀kan, tàbí tí ìyá ilé gbọ́ ọ tí kò dá a mọ̀, ìta ni wọn yóò dúró sí títí. Ẹnu géètì yẹn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bá òun wá orúkọ àti àmì fún irú iṣẹ́ yìí.

Yíya lẹ́tà àti àmì fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìtọ́jú yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, pinnu láti dá tirẹ̀ dúró, ọ̀dọ̀ mi ló gbà wá. Ó fẹ́ máa fọ ọ́fíìsì kéékèèké, ilé gbígbé, àti ilé tí àwọn bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, níbi tí sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ohun tó mú lọ́wọ́ ni bébà kan tó kún fún orúkọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ti òyìnbó: wúrà, dáyámọ́ńdì, ọba àti gbogbo àgbáyé, nígbà mìíràn gbogbo wọn nínú orúkọ kan ṣoṣo.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ó gbọ́dọ̀ dún bí ilé-iṣẹ́ ńlá."

Mo ní kó ṣe bíi pé òun ni mègáàdì, kó pe èyí tó wù ú jù fún mi lórí fóònù. Kó tó dé ọ̀rọ̀ kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ti gé e kù sí méjì. Bí aráyé ṣe ń ṣe orúkọ gígùn nìyẹn. Apá tó sì máa ń kù ni èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ní òpópónà kejì náà ń jẹ́. Gbogbo owó tí onítọ̀hún bá ná sórí pátákó àti aṣọ, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a jẹ nínú èrè rẹ̀ láìmọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ náà ní "Náṣọ́nà" nínú. Èyí tètè kúrò nílẹ̀. Òfin tó ń darí ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́, CAMA ti ọdún 2020, kò gbà kí ènìyàn kàn mú ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ kí aráàlú rò pé ìjọba ló ni iṣẹ́ náà, bíi "Náṣọ́nà" tàbí "Fẹ́dírà", àfi tí àjọ CAC bá fọwọ́ sí i. "Gúrúùpù" náà wà lára ohun tí wọ́n ń fi ojú ṣọ́. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́ta, wàhálà tí kò sí èrè nínú rẹ̀ ni.

Nínú àwọn orúkọ Yorùbá tó kọ, Tónítóní ló fẹ́ràn jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ó dùn lẹ́nu, kò sì ní àmì kankan lábẹ́ lẹ́tà. Ìṣòro rẹ̀ kì í tètè hàn, torí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò àmì òwò ló ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí CAC bá ti fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, orúkọ náà ti di tiwọn pátápátá. Ìwé yẹn máa jẹ́ kí báńkì ṣí àkáǹtì fún ọ, kò sì ní jẹ́ kí CAC fi orúkọ kan náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn; ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ lórí àmì òwò, ọ́fíìsì mìíràn ló ń fúnni, ní Àbújá, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí okòwò. Òfin tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ti wà láti ọdún 1965. Kì í fẹ́ gba ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ńṣe ló kàn ń sọ bí ọjà tàbí iṣẹ́ náà ṣe dára tó, mo sì rò pé ó tọ̀nà. Gbogbo ẹni tó ń fọ nǹkan fún owó ló yẹ kó lè sọ pé iṣẹ́ òun mọ́ tónítóní. Bí àbúrò mi bá fi jẹ orúkọ, kò ní lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun lílo ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá sì ṣe iṣẹ́ búburú lábẹ́ orúkọ tó jọ ọ́ yóò ba tirẹ̀ jẹ́.

Òfin kan náà ló jẹ́ ká fi orúkọ ìdílé wa sílẹ̀, ká sì fi orúkọ àdúgbò sílẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ bàbá ẹni àti orúkọ ìlú wà lára ohun tí wọn kì í fẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, àfi tó bá lè fi hàn pé aráyé ti mọ orúkọ náà mọ́ òun nìkan lẹ́nu òwò, èyí sì máa ń gba ọdún púpọ̀. Mo sọ fún un pé kò pọndandan kó lọ sí Àbújá lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kó yan ohun tí wọn kò ní lé padà lọ́jọ́ tó bá lọ. Iṣẹ́ fífọ ilé wà ní ìsọ̀rí 37 nínú ìwé wọn. Bó bá di ọjọ́ kan tó ń po ọṣẹ tirẹ̀ tà, ìsọ̀rí 3 nìyẹn, fọ́ọ̀mù mìíràn, owó mìíràn. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ń lò, tí wọ́n bá sì tún un ṣe, ó di ọdún 14.

Ohun tí à ń wá wá yé wa dáadáa: ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ìmọ́tótó láti ẹ̀gbẹ́, tí kò sọ ọ́ ní gbangba. Ó ní Ìgbálẹ̀ ńkọ́? Ìgbálẹ̀ kọ̀ fún ìdí méjì, tí ó sì jẹ́ pé ará ilé nìkan ló lè rí wọn. Láti ọdún 2013 tí ẹgbẹ́ òṣèlú APC ti wà, ìgbálẹ̀ ni àmì wọn. Òṣìṣẹ́ tó bá wọ aṣọ tí a ya ìgbálẹ̀ sí láyà, tó wá fẹ́ wọ ilé ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ mìíràn lásìkò ìbò, á ti dá àlàyé sílẹ̀ kó tó gbé mọ́ọ̀pù. Ìdí kejì jẹ́ ti àmì ohùn. Lórí WhatsApp àti lójú ìwé orí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó máa fi àmì sí i. "Igbale" ni wọn máa kọ. Ẹni tó bá sì rí i bẹ́ẹ̀ lè kà á bí ìgbàlẹ̀, igbó tí eégún ti ń jáde. Èmi kò ní nǹkan sí eégún, bàbá bàbá mi gbé e. Ṣùgbọ́n ìyá ilé tó ń wá ẹni tó máa fọ ilé ìdáná rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró láti ro ìyẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dán orúkọ kọ̀ọ̀kan wò lọ́nà kan náà: mo máa ń bọ́ gbogbo àmì rẹ̀ kúrò, màá sì fi hàn ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, kó kà á fún mi. Mo máa ń yẹra fún "gb" náà níbi tó bá ti ṣeé ṣe, torí Èkó kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, ọ̀pọ̀ mègáàdì jẹ́ ọmọ òkè ọya, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Líbánẹ́sì àti Íńdíà sì ń háyà àwọn afọlé. Àbúrò mi ló wá dá a sọ lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó ń ṣàlàyé pé òun fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ òun máa fọ ọ́fíìsì tán kí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ tó dé. "Kójúmọ́ tó mọ́," ó ní. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojúmọ́. Lẹ́tà márùn-ún péré ni. Tí a bá bọ́ àmì rẹ̀, "Ojumo" ló kù, kò sì sí nǹkan mìíràn tí ọmọ Yorùbá lè kà á sí. Mègáàdì àdúgbò wa, tó wá láti Kàtsínà, pè é gaara nígbà àkọ́kọ́. Kò sọ pé ilé mọ́, síbẹ̀ ó ní mọ́ nínú, ó sì ní òwúrọ̀ nínú. Ìyá ilé á gbọ́ ọ lórí fóònù, á sì rántí rẹ̀ lọ́la.

Lẹ́yìn náà la lọ ṣe iṣẹ́ tí kò dùn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. A wá orúkọ náà lójú ìwé àyẹ̀wò CAC, a wá a pẹ̀lú oríṣiríṣi ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kọ ọ́, a wá a lórí Ínsítágíráàmù, a sì wo ojú ìwé orí ẹ̀rọ tó parí pẹ̀lú .com.ng àti .ng. Ohun tí à ń wá níbẹ̀ ju orúkọ kan náà lọ. Orúkọ tó jọ ọ́ lẹ́tí, tó sì wà nínú irú iṣẹ́ kan náà, ló máa ń fa ìjà. Lórí fọ́ọ̀mù CAC, orúkọ méjì ni ènìyàn máa ń kọ, èyí tó fẹ́ àti èyí tó lè rọ́pò rẹ̀ tí wọn kò bá gba ti àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá gbà á, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń bá ènìyàn tọ́jú rẹ̀ kó fi parí ìforúkọsílẹ̀. Mo ní kó má tẹ aṣọ kankan láàárín àkókò yẹn. Mo ti rí ẹni tó tẹ pátákó kó tó gba èsì, èsì dé, wọ́n ní ẹlòmíràn ti ń jẹ́ ẹ.

Ó wá ku àmì. Àbúrò mi fẹ́ oòrùn tó ń yọ, pẹ̀lú ìtànṣán méje. Àwọn atẹ̀wé máa ń gbà láti ṣe é torí ó rọrùn, ẹni tó bá sì fẹ́ràn rẹ̀ kì í mọ̀ pé ó ní ìṣòro títí tí aṣọ bá dé. Àyà òṣìṣẹ́ ni ibi tí àmì irú iṣẹ́ yìí ń gbé jù, mònógírámù ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ní ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe: ìlà tí kò bá tó nǹkan bíi mílímítà kan ní fífẹ̀ kò ní dúró, lẹ́tà tí kò bá sì ga tó mílímítà márùn-ún, inú rẹ̀ á dí. Ìtànṣán méje tó rẹwà lójú kọ̀ǹpútà á di òwú kan ṣoṣo tó wú lórí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfóófòó ọṣẹ, àti àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì láti fi hàn pé ó ń dán.

Mo ní kí a má ya nǹkankan. Kí orúkọ fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì, kí a kọ ọ́ nípọn, ní lẹ́tà kékeré gbogbo, kí lẹ́tà tó kẹ́yìn, ọ́, máa dá dúró níbi tí àyè kò bá tó. Mo mú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì jẹ́ kí ohùn òkè rẹ̀ nípọn bákan náà. Nínú òbìrí kékeré tí WhatsApp fi ń gé àwòrán ẹni, òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì hàn kedere. Mo tẹ̀ ẹ́ ní dúdú lásán, kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, mo ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, mo tún ṣe fọ́tòkọ́pì fọ́tòkọ́pì yẹn lórí ẹ̀rọ tó ti gbó. Àmì ìsàlẹ̀ náà ṣì wà. Bí àwòrán kan kò bá lè la ìyẹn já, kò ní la ọjà Èkó já.

Ibi tí ọ́ ti máa ń dani láàmú ni inú kọ̀ǹpútà atẹ̀wé. Lẹ́tà ọ tó ní àmì ìsàlẹ̀ nìkan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò lẹ́tà àgbáyé, `U+1ECD`; ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ fi ohùn òkè lé e, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un, àmì ohùn náà, `U+0301`, ló máa ń wá gùn ún lórí. Lẹ́tà tí a kò ṣe dáadáa á gbé ohùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Mo fi `Noto Sans` bẹ̀rẹ̀ torí ó mọ lẹ́tà Yorùbá. Nígbà tí mo parí, mo sọ gbogbo rẹ̀ di ìlà lásán nínú CorelDRAW, `Ctrl+Q`, kí ó má baà bèèrè lẹ́tà kankan lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá fún ní fáìlì tí a kò sọ di ìlà, tó gbé e lọ sọ́dọ̀ onímònógírámù, lè bá orúkọ tó ti yí padà lórí ogún aṣọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ gba àkókò ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́, torí tí a bá ń fi síkíríìnì tẹ aṣọ, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní síkíríìnì tirẹ̀, owó rẹ̀ sì ń gun òkè. Àwọ̀ ọsàn kò ṣeé mú, torí aṣọ àwọn agbálẹ̀ títì LAWMA ló ń mú wá sọ́kàn ní Èkó. A mú àwọ̀ aró. Ó yàtọ̀, ó ṣeé kà lórí funfun, ó sì bá òwúrọ̀ kùtùkùtù mu.

Ṣùgbọ́n aró fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn búlíìṣì, omi tí gbogbo ènìyàn ń pè ní jíìkì, afọlé kò sì lè ṣe é láìní i. Tó bá ta sí aṣọ kọ́tìn tí a pa láró, ibẹ̀ á funfun, kò sì ní padà. Aṣọ òṣìṣẹ́ tó dúdú bí aró á kún fún àmì funfun kí oṣù tó parí, oníbàárà á sì máa wo ẹni tó wá fọ ilé òun bí ẹni tí kò lè fọ aṣọ. Nítorí náà, aṣọ náà di eérú fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí pọ́líẹ́sítà pọ̀ nínú rẹ̀, torí àwọ̀ pọ́líẹ́sítà ń fara da búlíìṣì ju ti kọ́tìn lọ. Àwọ̀ aró wà nínú òwú mònógírámù nìkan. Mo ní kí ó bèèrè irú òwú tí wọ́n ń lò: réyọ́nù máa ń dán jù lójú, ṣùgbọ́n búlíìṣì ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, ti pọ́líẹ́sítà ló máa pẹ́.

Àwa méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ gbà lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ kí bọ́kẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìnulẹ̀, ìbọ̀wọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, kí ojú ẹni tó bá rí wọn lè mọ̀ pé Ojúmọ́ ti dé. Mo mọ bó ṣe máa rẹwà tó. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní òtẹ́ẹ̀lì, ìlànà àwọ̀ tó ti Bìrìtéènì wá: aṣọ pupa fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé fún ilé ìdáná, aṣọ búlúù fún tábìlì àti yàrá gbogbo. Ìdí rẹ̀ ni pé kí aṣọ tó ti nu ìgbọ̀nsẹ̀ má baà débi tí wọ́n ti ń gé ẹran. Bí gbogbo aṣọ bá jẹ́ àwọ̀ kan nítorí ẹwà, òṣìṣẹ́ tí ó ti rẹ̀ kò ní mọ èyí tó mú. Mo bi í léèrè pé àwọ̀ wo ni yóò wá fi ya ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sọ́tọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ kan ìyẹn." Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ìnulẹ̀ dúró lórí àwọ̀ iṣẹ́ wọn, sítíkà ọ́ kékeré ni a lẹ̀ mọ́ ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì tó. Àmì ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba àyè àmì tó ń dáàbò bo ẹni tó máa jẹun nílé náà.

Àwọn nǹkan tó kù kò le. Káàdì ìdánimọ̀ ní fọ́tò tó tóbi ju orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ, torí ojú ni mègáàdì máa fi wé ènìyàn. A kò kọ nọ́ńbà fóònù sẹ́yìn aṣọ, àwọn oníbàárà kan kì í fẹ́ kí ilé wọn dà bíi pátákó ìpolówó. Fún báńkì àti ìwé owó-orí, "Ojumo" lásán ni, bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀rí CAC, torí tí orúkọ inú àkáǹtì bá yàtọ̀ sí ti ìwé, owó lè há. Lórí aṣọ, lórí sítíkà, lórí risíìtì tó ń kọ fún oníbàárà, Ojúmọ́ ni pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Mo kó fáìlì mẹ́ta fún un: èyí tí àwọn atẹ̀wé máa lò, èyí tó wà fún WhatsApp, àti ọ́ nìkan ní dúdú fún onímònógírámù. Mo tún fi bébà kan kún un, tí mo kọ nọ́ńbà àwọ̀ aró náà sí, àti irú òwú tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò, kó lè mú un dání bí kò bá tilẹ̀ sí mi nítòsí.